Ọkọ̀ mẹ́rin, èrò 96, láti Agége dé Adó-Èkìtì

*Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé àdúgbò wa ní Agége. Alága wa ń ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ní Adó-Èkìtì, àwa 96 la sì ń lọ lọ́jọ́ Ẹtì nínú Kósítà mẹ́rin. Nígbà tá a lọ sí Ìlọrin lọ́dún tó kọjá, aago mẹ́fà la dá, aago mẹ́sàn-án la gbéra, a tún gbàgbé ìyá àgbà kan sílé epo kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Báwo la ṣe máa ṣe é tí irú ẹ̀ ò fi ní ṣẹlẹ̀ mọ́?*

Akọ̀wé, ẹ má ṣètò ìrìn-àjò èèyàn 96. Ìrìn-àjò mẹ́rin ni kẹ́ ẹ ṣètò, kí èèyàn bíi 25 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó kàn jẹ́ pé ibì kan náà ni gbogbo wọn ń lọ. Ohun tó dá yín dúró di aago mẹ́sàn-án ni pé ọkọ̀ tó ti kún ń retí ọkọ̀ tí kò tíì kún. Ohun tó jẹ́ kẹ́ ẹ gbàgbé ìyá sílé epo ò sì jìnnà sí i: gbogbo yín lẹ ni ìyá, kò wá sí ẹnì kan pàtó tó ni wọ́n.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà àdúgbò á ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Òótọ́ ni wọ́n sọ, èmi náà ò sì ní kí ọkọ̀ kankan dá rìn, nítorí bí táyà bá fọ́ láàárín igbó, ẹ máa fẹ́ kí ẹnì kejì wà nítòsí. Ẹ so wọ́n ní méjì-méjì. Ọkọ̀ kìíní àti ìkejì á jọ gbéra ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 15, ìkẹta àti ìkẹrin á tẹ̀ lé wọn ní aago méje ku ìṣẹ́jú 15. Orí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó wà láàárín wọn yẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé.

Kẹ́ ẹ tó san owó kankan, ẹ lọ fojú ara yín rí ọkọ̀ náà, kẹ́ ẹ sì wọ inú rẹ̀. Bí ọlọ́kọ̀ bá ní Kósítà òun ń gba 30, ó ti ka àga kíká mọ́ ọn, àwọn àga tí wọ́n máa ń ṣí sí àárín ibi téèyàn ń gbà kọjá nínú ọkọ̀. Láti Òṣòdì dé Ìkòròdú, àga yẹn ò burú. Nínú ìrìn wákàtí méje, ìyà ni. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn tí ìtọ̀ ń gbọ̀n kò lè sọ̀ kalẹ̀ àfi bí èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún bá dìde níwájú rẹ̀, kí wọ́n ká àga, kí wọ́n gbé báàgì wọn mọ́ àyà, kí wọ́n tó lè yẹ̀ fún un. Àwọn tó wà níwájú á ti tọ̀ tán, wọ́n á ti máa ra búrẹ́dì, àwọn ti ẹ̀yìn á ṣì máa bú àga. Torí náà, àga tó dúró gbọin nìkan ni kẹ́ ẹ kà.

Ká ní ẹ rí 26 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ ti awakọ̀ kúrò. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jẹ́ 104, àyè 8 á sì ṣẹ́ kù. Ẹ má pín in dọ́gba. Ẹ fi 25 sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́ta àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ wá fi 21 tó kù sínú ìkẹrin. Ìyẹn ni pé àyè kan péré ló máa ṣófo nínú ọkọ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, àyè márùn-ún á sì wà nínú ọkọ̀ ìkẹrin. Ọkọ̀ ìkẹrin yìí ni àgbékẹ́yìn yín. Òun ló máa gbé ẹni tó pẹ́, òun náà ló máa ṣa ẹni tí wọ́n bá fi sílẹ̀ lọ́nà, nítorí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló fi wà lẹ́yìn àwọn ti iwájú. Tí gbogbo ọkọ̀ bá jọ lọ, tí ẹnì kan sì kù, ọkọ̀ kan ní láti yí padà nìyẹn, ó sì lè jẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀ tí ibi yíyí padà ti jìnnà síra.

Bó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ kọ orúkọ sábẹ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ibi tí èèyàn ti máa wọkọ̀ ni kẹ́ ẹ fi pín wọn, ẹ má fi ọ̀rẹ́ pín wọn. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní àwọn tó ń gbé Ìbàfò tàbí Mọ́wè tí wọ́n á sọ pé “ẹ ṣáà gbé wa lọ́nà tẹ́ ẹ bá ń kọjá.” Ọ̀rọ̀ kékeré ló dà létí, ṣùgbọ́n tí irú wọn bá wà nínú gbogbo ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo ọkọ̀ ló máa dúró nígbà mẹ́ta kẹ́ ẹ tó rí Ṣàgámù, ìdúró kan kì í sì í dín ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí 15, nítorí ẹni náà á ní òun wà lódì kejì títì. Ibì kan ṣoṣo lẹ máa yàn, Bẹ́gà, inú ọkọ̀ ìkẹrin sì ni gbogbo wọn wà. Ará Mọ́wè tó bá rò pé ó jìnnà, kó tètè jí, kó padà wá sí Bẹ́gà. Ọkọ̀ mẹ́ta yòókù kò ní í ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni láti Agége títí tí wọ́n á fi kọjá Ìbàdàn.

Nípa ti wíwọ ọkọ̀, ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé àwọn tó ń pẹ́ ló ń fa gbogbo wàhálà. Wọ́n wà lára rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ dúró lẹ́nu ọkọ̀ lọ́jọ́ kan, kẹ́ ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Akápò ń gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí kò tíì san, ẹnì kan mú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá wá, kò sí ṣéńjì, ẹlòmíràn ní òun ti fi ránṣẹ́ sínú àkáǹtì, ẹ dúró kí òun wá àlàáàtì. Ìyá kan gbé kúlà ńlá méjì dé, wọn ò rí ibi tó lè wọ̀, wọ́n gbé e sẹ́nu ọ̀nà, èrò ń gbé ẹsẹ̀ lé e kọjá. Nígbà tí gbogbo èèyàn wá jókòó tán, awakọ̀ ní òun fẹ́ sáré lọ ra epo. Ẹni tó pẹ́ ò sí nínú gbogbo ìyẹn, ogójì ìṣẹ́jú sì ti lọ.

Gbogbo rẹ̀ lẹ lè ti parí lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Kí owó ọkọ̀ ti wọlé tán bó bá ku ọjọ́ mẹ́ta, ẹni tí kò bá san, orúkọ rẹ̀ ò sí lórí ìwé. Kí ọkọ̀ ti sùn sí àdúgbò tàbí nítòsí pẹ̀lú epo kíkún, kẹ́ ẹ sì bá awakọ̀ wo géèjì. Kúlà, páálí ohun mímu àti ẹ̀bùn ìyàwó, ẹ kó wọn sínú bọ́ọ̀sì kékeré kan tàbí ọkọ̀ ẹnìkan tó ń wakọ̀ lọ fúnra rẹ̀, nítorí Kósítà ò ní ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń kó ẹrù sí bíi ti àwọn ọkọ̀ gìrìwò, ẹ̀yìn rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Báàgì kan fún èèyàn kan, èyí tó lè wọ abẹ́ àga tàbí orí ẹsẹ̀. Ẹ lọ bá télọ̀ tó ń rán aṣọ ẹbí yín, kó gé ìrépé oríṣi mẹ́rin fún yín, kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, kí wọ́n so ó mọ́ ọwọ́ báàgì. Báàgì tó bá já sí ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ á hàn kedere kó tó di pé ẹnì kan ń sunkún gèlè lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ aago wá kù. Àwọn olùṣètò kan máa ń pè é ní aago márùn-ún kí èèyàn lè dé ní mẹ́fà. Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ lè fi tan àwọn èèyàn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì wọ́n á ti mọ̀ pé irọ́ ni, àwọn tó ń gbọ́ràn ni yóò sì máa jìyà nínú òtútù ìdájí. Ẹ sọ aago òdodo, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá kọjá rẹ̀. Aago márùn-ún àbọ̀ ni ilẹ̀kùn máa ṣí. Èyí fún àwọn Mùsùlùmí láyè láti kírun ìdájí nílé tàbí ní mọ́ṣáláṣí kí wọ́n tó wá. Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n máa pa orúkọ dé fún ọkọ̀ kìíní àti ìkejì. Àdúrà wá tẹ̀ lé e, ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹni tó fẹ́ gbà á gùn máa gbà á lọ nínú ọkọ̀ tó ń rìn. Ní mẹ́fà kọjá 15, táyà gbọ́dọ̀ ti máa yí.

Ẹni ọkọ̀ kìíní tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn ti di ẹni ọkọ̀ ìkẹrin. Ẹ fa ìlà sórí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ti àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ti ìkẹrin, ibẹ̀ ló sì máa wà títí dé Adó, kódà bí ìyàwó rẹ̀ bá wà nínú ọkọ̀ kìíní. Ẹni tí aago méje ku 15 bá bá nílé, ó di gáréèjì. Ẹ sọ ọ́ báyìí gan-an lórí Wátsáàpù ẹgbẹ́, nígbà mẹ́ta. Ẹni tẹ́ ẹ bá fi ṣe olórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì gbọ́dọ̀ ní àṣẹ láti sọ pé “ó yá, ká lọ,” kó má jẹ́ ẹ̀yin, kó má sì jẹ́ alága. Ẹ dúpẹ́ pé alága á ti wà ní Adó, nítorí bí ó bá wà níbẹ̀ ni, kò sí bí àna rẹ̀ á ṣe pè é pé “ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni, mo ti wà ní Ìyànà Ìpájà” tí kò ní ṣàánú rẹ̀.

Mo ń tẹnu mọ́ aago yìí nítorí ọ̀nà náà fúnra rẹ̀. Bẹ́gà ní aago méje àti Bẹ́gà ní aago mẹ́jọ àbọ̀, ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Tí Ọjọ́ Ẹtì yín bá sì jẹ́ àkọ́kọ́ nínú oṣù, ìsìn Ẹ̀mí Mímọ́ ti ìjọ Ìràpadà máa wáyé ní ìpàgọ́ wọn lójú ọ̀nà yẹn kan náà, ọkọ̀ á sì máa pọ̀ sí i bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ. Ẹ wo kàlẹ́ńdà kẹ́ ẹ tó dá ọjọ́.

Ó kan kíka èèyàn. Olórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní igbákejì, kí àwọn méjèèjì sì jókòó sí iwájú àti ẹ̀yìn. Ìwé ni kí wọ́n mú dání, kó má jẹ́ inú fóònù nìkan, nítorí bátìrì. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà ẹnì kan nílé, àti ẹni tí wọ́n jọ jókòó. Ọmọ ọwọ́ kò ní àga, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ ìyá rẹ̀.

Ẹ máa pàdé ìyá tó máa bínú bí ọ̀dọ́ kan bá dúró níwájú ọkọ̀ tó ń na ìka sí orí àwọn èèyàn: “ení, èjì, ẹ̀ta.” A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, àwọn àgbà ò sì fẹ́ kí wọ́n ka àwọn náà bí ẹran. Ẹ má bá wọn jà. Àyè tó ṣófo ni kí olórí ọkọ̀ kà. Nínú ọkọ̀ kìíní, àyè kan péré ló gbọ́dọ̀ ṣófo. Bó bá rí méjì, ẹnì kan kù. Bí kò bá rí ìkankan, àlejò ti wọ̀ ọ́, tàbí ẹnì kan ti wá láti ọkọ̀ mìíràn. Ó yá ju kíka orí lọ, kò sì ṣòro, nítorí orí máa ń tẹ̀, ó máa ń sùn sórí èjìká ẹlòmíràn, ọmọdé máa ń sá sábẹ́ àga, ṣùgbọ́n àga tó ṣófo ò lè fara pamọ́. Ẹ ṣáà rí i pé wọn ò gbé báàgì lé àyè tó ṣófo, kí ìjókòó náà hàn. Igbákejì á kà á láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, olórí á kà á láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn, láì jẹ́ pé ọ̀kan gbọ́ ti èkejì. Bí nọ́ńbà wọn ò bá dọ́gba, ẹ tún un kà.

Ṣùgbọ́n iye nìkan ò tó, iye lè pé kí ó má jẹ́ àwọn èèyàn yín ni. Mo ti rí ọkọ̀ tí iye èrò rẹ̀ pé pérépéré, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ìyá kan tó ń tajà nílé epo, tó bẹ awakọ̀ pé kó gbé òun dé Iléṣà, tí ẹni tó ni àga náà sì wà lẹ́yìn ilé tó ń fọwọ́. Torí náà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ka àyè, olórí á bi ọkọ̀ pé, “Ta ni kò rí ẹnì kejì rẹ̀?” Gbogbo èèyàn ló ní ẹnì kejì lórí ìwé. Ọ̀rọ̀ tẹ́nu ẹnì kejì bá sọ ló jẹ́ ẹ̀rí, kò tó kí ẹnì kan láti iwájú pariwo pé “gbogbo wa ti pé!” Ìyá arúgbó, ẹ má fi ìyá arúgbó mìíràn ṣe ẹnì kejì rẹ̀, ọ̀dọ́ ni kẹ́ ẹ fún un, kí ọ̀dọ́ náà sì mọ̀ pé bí ìyá bá sọ̀ kalẹ̀, òun náà ti sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn.

Gbólóhùn kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn olórí ọkọ̀ yín máa fura sí: “Ó wà nínú ọkọ̀ mìíràn.” Ká fi bó ṣe máa ń lọ hàn yín. Ìyá kan nínú ọkọ̀ ìkejì ní àbúrò nínú ọkọ̀ ìkẹta. Ọkọ̀ dúró, ìyá lọ ra omi, ó pẹ́ lórí ìlà tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọkọ̀ ìkejì wo àga rẹ̀, wọ́n ní ó ti bá àbúrò rẹ̀ lọ. Àwọn ọkọ̀ ìkẹta ò ka ti ẹ̀ rárá, nítorí kì í ṣe èèyàn wọn. Wọ́n pe fóònù rẹ̀, ó ń dún, ọkàn wọn balẹ̀. Kò sẹ́ni tó tẹ́tí sílẹ̀ gbọ́ pé abẹ́ àga inú ọkọ̀ náà ló ti ń dún, ibi tó fi í sí kó máa gba iná. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bí ti Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe lọ nìyẹn, ẹ bi àwọn tó wà níbẹ̀ wò.

Òfin méjì ló ń dènà rẹ̀. Ìkíní, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ọkọ̀ lọ́nà àfi tí olórí ọkọ̀ méjèèjì bá jọ wà níbẹ̀ tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé méjèèjì. Ìkejì, bí wọ́n bá sọ pé ẹnì kan wà nínú ọkọ̀ mìíràn, ohùn ẹni náà gan-an ni kẹ́ ẹ gbọ́ lórí fóònù olórí ọkọ̀ yẹn kí ọkọ̀ yín tó gbéra. Bí ẹ ò bá gbọ́ ohùn rẹ̀, kò sí nínú ọkọ̀ kankan nìyẹn. Ní àfikún, ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀, àwọ̀ ọkọ̀ àti nọ́ńbà olórí ọkọ̀ sí páálí kékeré kan, kẹ́ ẹ fún gbogbo ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún àti gbogbo ọmọdé, kí wọ́n fi sápò aṣọ ara wọn, kó má wà nínú báàgì. Fún àwọn Kósítà funfun mẹ́rin tó jọra, àwọn àgbà ò lè fi ojú dá tiwọn mọ̀. Ẹ fi máákà kọ 1, 2, 3, 4 gàgàrà sórí páálí, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì iwájú àti ẹnu ọ̀nà.

Ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ kà á ni: kí ọkọ̀ tó kúrò ní Agége, lẹ́yìn ìdúró kọ̀ọ̀kan, kódà bó jẹ́ ọlọ́pàá ló dá wọn dúró tí ẹnì kan sì sọ̀ kalẹ̀ láti nasẹ̀, àti nígbà tí wọ́n bá dé. Ọkọ̀ ìkẹrin á tún kà á lẹ́yìn Bẹ́gà.

Ó wá ku ìdúró. Láti Agége dé Adó, ẹ jẹ́ kó jẹ́ méjì péré, kí ẹ̀yin sì ti mọ ibẹ̀ ṣáájú. Èyí tí awakọ̀ bá yàn, ibi tí wọ́n ti ń fún un lóúnjẹ ọ̀fẹ́ ni. Ìkíní á wà lẹ́yìn Ìbàdàn, ní ọ̀nà Ifẹ̀. Kó má jẹ́ Ìwó Róòdù o! Ó dùn ún dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n èrò inú ọjà, gáréèjì àti ọlọ́kadà ti dà pọ̀ mọ́ra níbẹ̀, ìyá tó bá yà sọ́tùn-ún dípò òsì ti sọnù. Ìkejì á wà ní Iléṣà, nítorí láti ibẹ̀ lọ, ọ̀nà á bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, á sì máa yí kọ́ńdú-kọ̀ǹdù lẹ́bàá Ẹ̀fọ̀n Aláayè títí dé Aramọkọ, ẹ ò sì ní fẹ́ dúró láàárín ibẹ̀. Àwọn tí ọkọ̀ máa ń rìn lára, tí èébì máa ń gbé, iwájú ni kẹ́ ẹ fi wọ́n sí kẹ́ ẹ tó kúrò ní Iléṣà, kẹ́ ẹ sì ti há ọ̀rá fún wọn.

Èyí ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sáàárín. Nínú yín, ká ní obìnrin àti ọmọbìnrin jẹ́ 60. Ilé epo tó dáa lójú ọ̀nà máa ń ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì obìnrin méjì. Ìṣẹ́jú méjì lẹ́nì kan ń lò níbẹ̀, bí ó bá ya kánkán, nítorí ìró àti bùbá kì í ṣe ṣòkòtò. Bí ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọ yà wọlé, ọgbọ̀n obìnrin ló máa tò sẹ́nu ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, wákàtí kan gbáko nìyẹn, ẹni tó tò sẹ́yìn pátápátá á sì ti ṣe é tán sára ògiri. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ méjì, 15 ló máa tò sẹ́nu ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló máa gbà. Nígbà tí wọ́n bá ń jáde ni ọkọ̀ ìkẹta àti ìkẹrin ń wọlé. Ilé epo kan náà, àdéhùn kan náà, omi kan náà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kankan ò dúró ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Àwọn ọkùnrin máa ń ṣe tiwọn kíá, àwọn ni kẹ́ ẹ rán níṣẹ́ omi àti búrẹ́dì.

Ẹ pe máníjà ilé epo náà lọ́sẹ̀ yẹn, tàbí kí ẹnì kan tó bá ń kọjá yà síbẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ọkọ̀ mẹ́rin máa wá ra epo lọ́dọ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ wá bi í léèrè kọ́kọ́rọ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì àti bóyá omi ń yọ láàárọ̀, nítorí bí kò bá síná, tí wọn ò tan jẹnẹrétọ̀, omi ò ní gun táńkì. Ẹ fi garawa kan, ìgò omi ńlá méjì, ọṣẹ àti tíṣù sínú ọkọ̀ kìíní, kí wọ́n fi èyí tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀. Gbogbo èrò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ epo.

Bí ọkọ̀ bá fẹ́ dúró, kó tó dúró ni olórí ti máa sọ̀rọ̀, nítorí bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Kó sọ aago tí wọ́n máa gbéra, kó má sọ iye ìṣẹ́jú. “Aago mẹ́sàn-án kọjá 15 la ń lọ” ò ní ìtumọ̀ méjì, ṣùgbọ́n “ìṣẹ́jú ogún,” ìgbà tí kálukú bá dé orí ilẹ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka tirẹ̀. Àwọn àgbà àti aboyún á kọ́kọ́ sọ̀. Àwọn tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi oògùn sílẹ̀ tàbí kí wọ́n kọ omi nítorí ọkọ̀, kí wọ́n bi dókítà wọn léèrè ìgbà tí wọ́n lè lò ó lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ sì fi wọ́n sí àga tó sún mọ́ ilẹ̀kùn. Bí ẹnì kan nínú wọn bá ní òun ò lè dé Iléṣà, ọkọ̀ á yà sí ilé epo tó bá kàn, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ nìkan ló máa sọ̀. Bí ẹ bá gba gbogbo ọkọ̀ láyè, ó di ogún ìṣẹ́jú.

Ìdúró tó ń jẹ àkókò jù lọ kì í ṣe ti ìgbọ̀nsẹ̀ rárá, ti ọjà ni. Bí ẹ bá dé Àṣéjirè, wọ́n á rí ẹja. Bí ẹ bá dé Ìkirè, dòdò Ìkirè ti ń pè wọ́n lójú títì, ọ̀rọ̀ á sì di “awakọ̀, jọ̀ọ́, ìṣẹ́jú kan.” Èmi náà fẹ́ràn dòdò yẹn, mi ò ní purọ́. Bí mo ṣe máa ń ṣe é ni pé olórí ọkọ̀ á gba owó àti iye tí kálukú fẹ́ kí wọ́n tó dé Ìkirè, awakọ̀ á yà sí ẹ̀gbẹ́ títì níbi tó fẹ̀, àwọn tó ń tà á wá sẹ́nu fèrèsé, igbákejì nìkan ló máa sọ̀ kalẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹja Àṣéjirè, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, nítorí òórùn.

Awakọ̀ náà ní tirẹ̀ nínú ìdúró yìí. Ìmọ̀ràn àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni pé bí awakọ̀ bá ti wakọ̀ fún wákàtí mẹ́rin, kó sinmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìdúró méjèèjì yín bá ìyẹn mu, bó bá jẹ́ pé ó sinmi lóòótọ́, tí ẹ ò rán an ní gbígbé kúlà tàbí kó máa wá èèyàn kiri inú ilé epo. Bí nǹkan bá lọ bó ṣe yẹ, ọkọ̀ méjì àkọ́kọ́ á dé Adó ní nǹkan bí aago kan àbọ̀ ọ̀sán, àwọn tó kù á dé ní nǹkan bí aago méjì. Ẹ fi wákàtí méjì sápò fún ìdíwọ́, ojúmọmọ ṣì ni.

Ti pípadà lọ́jọ́ Àìkú le ju ti lílọ, nítorí iye èèyàn yín á ti yàtọ̀. Àwọn kan á ní àwọn ń dúró ti ìyàwó, àwọn kan á ti bá mọ̀lẹ́bí lọ lálẹ́ Àbámẹ́ta láì sọ fẹ́nì kan, àwọn kan á sì mú ẹ̀gbọ́n wọn wá pé kẹ́ ẹ bá wọn gbé e dé Ìbàdàn. Lálẹ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn àríyá, kí olórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ bá èèyàn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó béèrè pé “ṣé ẹ ń bá wa lọ lọ́la?” kó sì jẹ́ kí ẹni tó ń dúró fọwọ́ sí ìwé. Àga tó ṣófo lówùúrọ̀ Àìkú á ti ní àlàyé kó tó ṣófo. Iṣu Èkìtì á ti pọ̀ nígbà náà, ẹ sọ ṣáájú pé iṣu márùn-ún péré lẹ́nì kan, inú ọkọ̀ ẹrù ni wọ́n sì máa gbé e sí, kó má sí ní ọ̀nà àárín ọkọ̀ tí àwọn arúgbó á fi máa kọsẹ̀.

Ẹ gbéra ní aago mẹ́jọ àárọ̀, kẹ́ ẹ lè ti wọ Èkó kí àwọn tó lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀ tó kún ọ̀nà nírọ̀lẹ́. Owó ọlọ́kọ̀, ẹ má san gbogbo rẹ̀ tán ní Agége. Kẹ́ ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ nípa ibi tí awakọ̀ máa sùn ní Adó, ẹni tó máa bọ́ ọ, àti iye tí ẹ máa fi kún un bí ẹ bá pẹ́, kí ìyókù owó sì dúró lọ́wọ́ akápò títí ọkọ̀ ìkẹrin á fi já èèyàn tó gbẹ̀yìn sílẹ̀ ní Agége.